Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nípa owó tó fẹ́ yá

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní báǹkì kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ yá ọ ní 6,000 dọ́là, tí o ó máa san bíi 200 dọ́là lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta, àti pé ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò rẹ yóò fi owó náà ṣí ní Ìbàdàn ni yóò máa mú owó tí o ó fi san án wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, nítorí náírà ni ṣọ́ọ̀bù yóò pa, dọ́là sì ni báǹkì yóò gbà.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan yá iye kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà náà, bíi 750 náírà ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń gbà fún dọ́là kan, nítorí náà 150,000 náírà lóṣù tó láti san gbèsè rẹ̀, ọjà àwọn ará ilé sì ń pa á wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ọjà kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò jalè, síbẹ̀ 150,000 yẹn kò tó 100 dọ́là mọ́. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi dí ìyókù.

Nítorí náà, kí o tó buwọ́ lùwé, ṣírò bí ẹni pé kọ́bọ̀ kan kò ní ti Ìbàdàn wá. Bí ó bá jẹ́ 120 dọ́là ló ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀, má yá ju 3,600 lọ, kí o sì ya owó oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀ ní dọ́là, bí iṣẹ́ bá dín kù.

Ní ti àbúrò rẹ, bí o bá kọ gbèsè rẹ̀ ní dọ́là, ẹrù náà lè wó ọjà kékeré rẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ ní náírà, ìwọ lo rù ú. Kọ ọ́ ní náírà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó máa kó o pamọ́ fún ọ, má sì jẹ́ kí ó ṣẹ́ ẹ sí dọ́là. Owó oògùn ìyá rẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ó máa fi san ìyẹn níhìn-ín. Dọ́là tí ìbá wá sọ́dọ̀ wa yóò dúró lọ́wọ́ rẹ fún báǹkì, náírà yóò san gbèsè náírà, kò sì sẹ́ni tí yóò jẹ èrè lórí ìṣẹ́wó lẹ́ẹ̀mejì.

Wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí o kọ ọ́ sí mi kí o tó dá báǹkì lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.