Lẹ́tà sí olùkọ́ mi, lórí ibi tí fíìmù mi ti ń wọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú wa.

Mo fi àkọ́gé dọkumẹ́ńtárì mi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí, adire_rc2.mp4 ni orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 26 ló jẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú 15 ló sì yẹ kó jẹ́ nígbà tí mo bá máa fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn rẹ̀ ló ń gba oorun lójú mi, ìrìn rẹ̀ ni. Ibì kan wà tó ń wọ́ tí mi ò lè tún ṣe. Ibòmíràn wà tí mo rò pé yóò wọ́, tí kò sì wọ́ rárá. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kí n tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ ó rántí pé ilé aró kan n'Ìbàdàn ni mo ti yà á, lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni mo ṣe tò ó: Ìyá sọ̀rọ̀, ó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ, ó rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró, wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò, wọ́n lu aṣọ, wọ́n gbé e lọ sọ́jà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pe ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ fíìmù wá sí yàrá mi. Àwọn ni mo jókòó tì tí mo ń wò, mi ò wo fíìmù. Bí ẹnì kan bá ti yíra padà tàbí tó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, màá kọ àkókò tó wà lójú ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní 08:20, ẹnì kan mú fóònù. Ní 10:05, wọ́n ti di méjì. Àmọ́ láti 12:50 títí dé 14:24, kò sẹ́ni tó mira.

Láti 07:00 sí 11:40 ni Ìyá ti ń fi ìyẹ́ kọ iṣẹ́ sára aṣọ. Lóru ọjọ́ náà mo ní kò burú, ó ti gùn jù, mo bá gé e sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Àwòrán 31 ni mo kó sínú àyè kékeré yẹn, kò sí èyí tó pẹ́ jù ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ. Mo fi han àwọn méjì mìíràn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló pẹ́ jù nínú gbogbo fíìmù. Ó dùn mí, mà, nítorí mo ti fi oorun òru kan gbáko ṣe é. Mo dá a padà sí bó ṣe wà, òun lẹ ó rí nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ọwọ́, ìyẹ́, aṣọ. Ọwọ́, ìyẹ́, aṣọ. Bí mo ṣe ń gé e tó, ohun kan náà ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń sọ, ẹni tó ń wò ó sì ti gbọ́ ọ láti orí àwòrán kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sínú gbogbo ohun tí mo yà, mo rí i pé Ìbàdàndùn ni Ìyá ń kọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n máa ń kọ òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí sí. Mo ní ibi tí ojú aṣọ ṣì ṣófo. Mo ní ibi tí òpó kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́, tí ará Ìbàdàn á fi sọ pé, "Háà, Mápó nìyẹn!" Mo tún ní ibi tí Ìyá dìde dúró tí a sì rí aṣọ náà látòkè délẹ̀. Àwòrán mẹ́ta péré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú. Mo gbàgbọ́ pé wọn yóò dà bí ẹni yára ju àwọn 31 yẹn lọ, torí pé ẹni tó ń wò ó yóò mọ nǹkan tuntun níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi wò ó bóyá mo rò ó dáadáa, àbí gbogbo ibẹ̀ ló yẹ kí n yọ.

Ti ìkòkò aró ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Àwòrán kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú-àáyá 94, mi ò gé e níbì kankan. Ìyá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ló kọ́kọ́ ní, torí aró inú ìkòkò kì í fi àwọ̀ rẹ̀ hàn títí atẹ́gùn yóò fi kàn án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti etí aṣọ, títí gbogbo rẹ̀ fi di àwọ̀ aró níṣojú wa. Kò sẹ́ni tó mira níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ń kọ mí lóminú. Ní 12:31, ṣáájú kí aṣọ tó jáde, Ìyá sọ pé, "Bí ewé ló máa rí, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró." Ó ti jẹ́ ká mọ òpin rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú gbé gbólóhùn náà lọ sẹ́yìn 14:24, kí ojú rí i ná kí etí tó gbọ́. Ó dára lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn rò pé aró ti bàjẹ́ ni, ó sì bi mí bóyá kámẹ́rà ló ṣe é. Ó ti wá ń bẹ̀rù àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀, dípò kó máa wo aṣọ. Ṣé kí ohùn Ìyá ṣáájú, àbí kó bọ́ sí àárín, nígbà tí etí aṣọ bá ti ń ṣú? Àárín ni ọkàn mi ń fà sí, àmọ́ mi ò tíì gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún gbọ́ 05:16. Ibẹ̀ ni Ìyá ti sọ pé ọmọ òun kò fẹ́ iṣẹ́ aró. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú àkọ́gé tó ṣáájú èyí, mo ti gé gbogbo ìdákẹ́ rẹ̀ àti èémí rẹ̀ kúrò, mo fi àwòrán ọwọ́ rẹ̀ bo ojú ibi tí mo gé. Àkókò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo dá ìdákẹ́ yẹn padà. Mo wá jẹ́ kí ìró òòlù tí wọ́n fi ń lu aṣọ ti máa wọlé láti ìparí rẹ̀, kí a tó rí ẹni tó ń lù ú. Bóyá ìró yẹn tètè wọlé jù, tó ń lé Ìyá kúrò lójú, ẹ sọ fún mi.

Mo ti yọ ìlù dùndún tí mo fi sábẹ́ ibi ìyẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Òótọ́ lẹ sọ, ìlù ni mo ń tẹ̀lé tí mo fi ń gé e, mi ò wo ọwọ́ Ìyá mọ́.

Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdá a dúró, kí ẹ kàn máa kọ àkókò ibi tí ọkàn yín bá ti kúrò lórí rẹ̀. Màá fi wé èyí tí mo kọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ni yàrá ìtòfíìmù kàn mí, láti aago méjì títí di mẹ́fà.

Èmi ọmọ yín ní kíláàsì ọdún kẹta.