Ọjà tó dín lórí àtẹ: kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Àwọn kan nínú yín bi wá pé kí ló dé tí kaṣíà wa fi ń gbé ọjà kọ̀ọ̀kan kọjá níwájú ẹ̀rọ, nígbà tó lè gbé ẹyọ kan kó sì tẹ iye rẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn bi wá pé tí ọjà bá ń dín, kí ló dé tí a kì í yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ìdáhùn kan náà ló bá ìbéèrè méjèèjì.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ọjà dín nìyí. A ó ro ohun tó wà nílẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó wọlé, a ó yọ èyí tí a tà kúrò. Iye tó bá ṣẹ́kù ló yẹ kó wà lórí àtẹ àti nínú yàrá ẹrù. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi ọwọ́ kà á. Bí ohun tí a kà kò bá tó ohun tí ìwé sọ, ọjà ti dín nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye tó dín nìkan ni ìṣirò yìí lè sọ fún wa. Kò lè sọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ọṣẹ onípépà pupa. Ẹyọ 60 ló wà nílẹ̀, ìwé ẹni tó ń gbé ọjà wá sọ pé páálí 6 wọlé, ẹyọ 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 144. A ta 131. Ó yẹ kó ku 73, àmọ́ 34 la bá. Ẹyọ 39 ti dàwátì. Ta ni kò ní pariwo olè?

Ibi tí a kọ́kọ́ wò ni ọṣẹ onípépà funfun, tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Iye owó kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n àmì ìlà dúdú ara wọn yàtọ̀. Funfun yìí fi ẹyọ 11 lé lórí ohun tí ìwé sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: oníbàárà kó funfun àti pupa pọ̀, kaṣíà gbé funfun kan kọjá, ó sì tẹ iye gbogbo rẹ̀ sí i. Nítorí pé owó wọn dọ́gba, owó inú dúrọ́ọ̀ pé, kò sẹ́ni tó fura. Àṣìkọ sábà máa ń ní ìkejì báyìí: bí ọ̀kan ṣe ń dín níhìn-ín ni òmíràn ń lé lọ́hùn-ún. Olè kì í fi ọjà kún àtẹ ẹnikẹ́ni.

Ó ku 28. Nínú rẹ̀, 24 jẹ́ páálí kan géérégé, ìyẹn ló jẹ́ ká lọ wo ìwé tí a fi ń gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Páálí 5 ni ẹni tó gba ẹrù kọ síbẹ̀, 6 ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi béèrè owó, 6 yìí ni wọ́n sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Páálí náà kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ní báyìí, kí a tó fọwọ́ síwèé la máa ń kà, bí ó bá dín, a ó kọ ọ́ sórí ìwé tiwọn, awakọ̀ náà yóò sì fọwọ́ sí i. Páálí tí a kò tíì tú pàápàá lè dín nínú, nítorí náà a máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú èkejì rẹ̀, èyí tó bá fúyẹ́ la ó tú lójú awakọ̀.

Ọṣẹ 3 ti fọ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹrù tó wúwo, àfọ́kù wọn sì wà nínú àpótí ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí èyí, bí nǹkan bá fọ́ tàbí tó jò lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa, ẹ má tì í sẹ́yìn àwọn tó kù. Ohun tó bàjẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀, ọrùn olè ló máa ń já sí.

Ẹyọ 1 ló ṣẹ́kù nínú 39. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i, àmọ́ n kò lè fi ẹyọ kan pe ẹnikẹ́ni lólè, ìbáà ṣe oníbàárà tàbí òṣìṣẹ́. Ohun tó máa jẹ́ kí n fura ni pépà òfìfo tí wọ́n ki bọ ẹ̀yìn àtẹ, tàbí ọjà kékeré olówó gọbọi tó ń dín ní gbogbo ìgbà tí a bá kà á, tí kò sí èyí tó lé níbòmíràn, tí ìwé ẹrù sì pé. Àní báàgì gbogbo yín ni a ìbá tú, a kò ní rí ọ̀kan nínú 24 tí kò wọlé rárá.

Bí ẹ bá dé ní òwúrọ̀ tí ẹ rí okùn lára àtẹ kan, kíkà là ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú nǹkan níbẹ̀ títí a ó fi tú okùn náà, torí ọjà tí a bá tà láàárín kíkà máa ń dà bí èyí tó sọnù. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún òṣìṣẹ́ wa, yóò bá yín mú un láti inú yàrá ẹrù, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.