Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí oṣù méjìlá tó ń bọ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Màmá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, kí o di ẹni tó ń kọ sọ́fútíwia. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Owó oṣù yẹn ni yóò máa ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ fún ọ.

Àkókò ẹ̀kọ́ rẹ nìyí: alẹ́ Túsìdè àti Tọ́sìdè, wákàtí kọ̀ọ̀kan; Sátidé, wákàtí mẹ́fà. Báǹkì kì í jẹ́ kí ẹ sinmi nígbà tí oṣù bá ń parí lọ, nítorí náà má ka ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù, láàárín ọdún kan, yóò sún mọ́ 300 wákàtí. Ó tó, bí o kò bá fọ́n ọn ká.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan ni kí o dojú kọ. Ìkànnì freeCodeCamp ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò ló ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù: bí o ti ń wò ó, gbogbo rẹ̀ ń yé ọ. Pa fídíò náà, ṣí fáìlì òfìfo, kí o kọ ojú ìwé tó ń ro iye owó márùn-ún pọ̀. Bí o kò bá rí i ṣe, má tíì kúrò níbẹ̀.

Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí o ṣe: sọ́fútíwia tí yóò máa pa ìwé àjọ ẹgbẹ́ màmá rẹ mọ́. Níbẹ̀ ni wàá ti kọ́ bí a ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú dátábéèsì, àti bí a ti ń fi Git pa ìtàn kóòdù mọ́. Kíyè sí owó o. Tẹ èyí sínú kọ́ńsólù bíráwúsà rẹ:

```
0.1 + 0.2
```

JavaScript yóò dá ọ lóhùn pé `0.30000000000000004`, torí pé ìdá méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka nọ́ńbà, 0.1 kò sì wọ inú rẹ̀ géérégé. Nítorí náà, kọ́bọ̀ ni kí o máa fi pa gbogbo owó mọ́, láìsí ojúàmì. Bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ pín ₦10,000, mílíọ̀nù kan kọ́bọ̀ nìyẹn: ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 333,333, ó ku ẹyọ kan. Ìwọ tí o ń dọ́gba owó kàǹtà ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹyọ yẹn sọnù. Kọ ibi tó lọ sílẹ̀.

Má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe é rárá, kí o sì tún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ kà, bóyá wọ́n ka iṣẹ́ àfikún léèwọ̀.

Oṣù mẹ́ta tó kù, jẹ́ kí alájọ gan-an máa lò ó, kí o sì máa tún ohun tó bá dà á láàmú ṣe. Kọ́kọ́ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fútíwia ìsanwó, kódà bí àyẹ̀wò àṣìṣe ni wọ́n bá fún ọ. Ìmọ̀ báǹkì rẹ níye lórí níbẹ̀. Ìgbà tí lẹ́tà iṣẹ́ tuntun bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, tí iye owó oṣù wà nínú rẹ̀, ni kí o tó sọ fún ọ̀gá rẹ.

Bàbá rẹ