Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: bí a ó ṣe máa kọ ọjọ́ họ́lídè ti 2027

Ẹ̀yin oníbàárà wa nílé àti lókè òkun,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kàlẹ́ńdà ilé àlejò wa ní Àgbádárìgì fún ọdún 2027 ti ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀ tí a fi nọ́ńbà nìkan kọ. Níbi tí ojú yín ti lè máa wá `12/06/2027`, `Sat 12 June 2027` ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí pé a ó bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Èèyàn tó wà ní Nàìjíríà, ní Gáná, ní Kútọnu, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Bùràsíìlì, bó bá rí `12/06`, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ló rí. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, oṣù ló kọ́kọ́ máa ń kọ, nítorí náà ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni yóò kà á sí. Kò sí ẹni tó ṣi ìwé kà nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọjọ́ gidi ni méjèèjì, kò sí ohun tí yóò kọ olùkàwé lójú tí yóò fi béèrè. Ẹ má sì rò pé ọmọ Yorùbá lẹni tó ń kà á, pé yóò yé e. Ẹni tó ti ń kún fọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà láti ogún ọdún, oṣù ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ bá, fóònù rẹ̀ náà sì ti gba bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, méjèèjì ni ẹ ó bá pàdé, nígbà mìíràn lórí tábìlì kan náà.

Ẹnu àwa gan-an kò tiẹ̀ dúró lójú kan. Ní Nàìjíríà, gbogbo wa la ń pe ọjọ́ yẹn ní “Júùnù Túwẹ́ẹ̀fù”, oṣù ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ `12/06`. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń fi oṣù ṣíwájú nínú gbogbo ìwé wọn, “Fọ́ọ̀tì ọ́fù Júláì” ni wọ́n ń pe ọjọ́ òmìnira tiwọn. Nítorí náà, ẹ má wo ẹnu ẹnikẹ́ni láti mọ bó ṣe ń kọ̀wé.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ní wàhálà yìí. Oṣù kò ju méjìlá lọ, nítorí náà `25/12` kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú, torí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wàhálà wà níbi tí nọ́ńbà méjèèjì kò ti ju 12 lọ, tí wọn kò sì jọra. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú oṣù méjìlá jẹ́ 144. Ẹ yọ àwọn bíi `01/01` àti `06/06` kúrò, tí wọn kò yí padà bó ti wù kí a kà wọ́n, ó ku 132. Ó ju ìdá mẹ́ta ọdún lọ.

Ẹ wá wo bó ṣe bọ́ sórí họ́lídè tiwa. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba tí kì í yẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà Nàìjíríà jẹ́ mẹ́fà: ọdún tuntun, ọjọ́ òṣìṣẹ́, ọjọ́ ìjọba àwaarawa, ọjọ́ òmìnira, Kérésìmesì àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọdún tuntun kò ní wàhálà, méjèèjì ti Kérésìmesì kò ní in. Àwọn mẹ́ta tó kù ló wà nínú ewu: `01/05` di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní, `12/06` di oṣù Kejìlá, `01/10` sì di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní. Àwọn mẹ́ta yìí náà sì ni èrò máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa láìka Kérésìmesì àti Àjíǹde.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti oṣù Kẹfà. Ọdún 2018 ni ìjọba Buhari kéde pé a ń gbé ọjọ́ ìjọba àwaarawa kúrò ní 29 oṣù Karùn-ún bọ́ sí 12 oṣù Kẹfà, nítorí ìbò 1993 tí MKO Abíọ́lá díje nínú rẹ̀. Láti 2019 ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kúrò nílé ṣáájú ìgbà yẹn lè máà fi sọ́kàn pé họ́lídè wà nínú oṣù Kẹfà rárá. Kí a wá sọ pé ìyá kan ní Húsítìn fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo ilé alájà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbérẹ̀fú. Ó rí i lórí Wọ́sáàpù pé “yàrá ti kún ní `12/06/2027`, owó ọkọ̀ sì lé”. Lójú tirẹ̀, oṣù Kejìlá ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún 10 sí 13 oṣù Kẹfà, ó sì ń yin ara rẹ̀ pé òun ti sá fún èrò ọdún. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sí yẹn. Bó bá jẹ́ odindi kàlẹ́ńdà ló rí ni, ì bá rí `25/12` nísàlẹ̀, ì bá sì fura. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà. Òun ló gé ọ̀rọ̀ náà kúrú: `12 June`, `June 12`, èyíkéyìí tí ẹ bá kọ, ọjọ́ kan náà ni. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú yín, bí `12JUN` ló wà níbẹ̀, ìdí kan náà sì ni. Àwa kò gé e sí `Jun`, nítorí lẹ́tà kan péré ló wà láàárín `Jun` àti `Jul`, ojú sì máa ń fò ó lórí fóònù. Ọdún náà, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ń kọ. Bí a bá kọ `27` lásán, òun náà lè jókòó bí ọjọ́.

Orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí a fi síwájú, ẹ̀rí ni. 12 oṣù Kẹfà 2027 bọ́ sí Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kejìlá sì bọ́ sí Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá ṣi í kà, tó sì wo kàlẹ́ńdà, yóò rí i pé wọn kò bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí nìkan ṣe gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé yín. 9 oṣù Karùn-ún àti 5 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni 11 oṣù Keje àti 7 oṣù Kọkànlá. Ní 2027, Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá kọ `Sun 09/05/2027`, kò sí kàlẹ́ńdà tí yóò tú àṣìṣe yẹn fó.

Àwọn ọdún tó ń yẹ̀ ló gba àkíyèsí jù. Ọdún Àjíǹde 2026, láti 3 dé 6 oṣù Kẹrin ni, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yí padà àfi `04/04` nìkan. Ti 2027, láti 26 dé 29 oṣù Kẹta ni, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó lè rú yín lójú. Ìtúnu Ààwẹ̀ 2027 ni kí ẹ ṣọ́. A ń retí rẹ̀ ní 9 tàbí 10 oṣù Kẹta. Bí a bá fi nọ́ńbà kọ ọ́, ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí 3 oṣù Kẹsàn-án tàbí 3 oṣù Kẹwàá. Oṣù tó yẹ kó rí ni a kò ní iyèméjì lé lórí, ọjọ́ nìkan ló kù sọ́wọ́ òṣùpá. Ohun tí ẹ ó rí nínú kàlẹ́ńdà ni `Tue 9 or Wed 10 March 2027`, pẹ̀lú àkíyèsí pé a ń dúró de ìkéde. Bí Sultan Ṣókótó bá ti kéde òṣùpá, tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ti sọ ọjọ́ ìsinmi, a ó fi ọjọ́ tó dájú ránṣẹ́. Iléyá ń bọ̀ ní nǹkan bíi 16 oṣù Karùn-ún. Bó bá yẹ̀ ní ọjọ́ kan, kò tíì kúrò lókè 12.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò wá, tí a máa ń fi fáìlì Excel ránṣẹ́ sí, `2027-06-12` ni ẹ ó rí nínú tiyín: ọdún, oṣù, ọjọ́. Ìlànà àgbáyé ni, ISO 8601 lorúkọ rẹ̀, ó ti wà láti 1988. Ìdí tí a fi yà á sọ́tọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ bá tẹ `12/06/2027` sínú èyí tí a tò sí ti Amẹ́ríkà, yóò sọ ọ́ di oṣù Kejìlá láìsọ fún yín. Bí ẹ bá tẹ `25/12/2027`, kò ní mọ̀ ọ́n, yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ibẹ̀ lẹ ti lè dá a mọ̀: bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan ìtòjọ òpó náà, ọjọ́ tó gbà yóò sún mọ́ apá ọ̀tún, èyí tí kò gbà yóò dúró lápá òsì. Bí òpó ọjọ́ yín bá pín sí méjì báyẹn, àwọn tó wà lọ́tùn-ún ni kí ẹ tún yẹ̀ wò. Àwọn tó wà lósì ṣì wà bí ẹ ṣe kọ wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba yàrá, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó dé, ọjọ́ tí ẹ ó lọ, àti iye òru tí ẹ ó sùn. Báyìí:

```
Arrive Thu 10 June 2027, leave Sun 13 June 2027, 3 nights
```

Iye òru yẹn ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an, nítorí bí ìkan nínú ọjọ́ méjèèjì bá yí padà, ìṣirò kò ní bára mu mọ́. Bí ohùn ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, kò burú, ẹ ṣáà dárúkọ oṣù. Bí nọ́ńbà nìkan ló bá wọlé, a ó pè yín padà kí a tó fi orúkọ yín sí yàrá kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ tó bá pè yín. Owó àsansílẹ̀ náà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà ni gbèdéke rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá dá fún yín, kì í ṣe ti ìlú tí ẹ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí oṣù Kẹwàá pẹ̀lú nọ́ńbà nìkan, yàrá yín ṣì wà. A ó pè yín lọ́sẹ̀ yìí láti gbọ́ orúkọ oṣù lẹ́nu yín.

Èmi ni tiyín,
Olùdarí ilé àlejò, Àgbádárìgì