Ìyá Ìbejì, bí mo ṣe ń ṣe pósítì oṣù kan lọ́jọ́ kan rèé

Abẹ́òkúta, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò tíì gbé yín mì àbí? Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, èyí tó gùn bí wáàsí yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rín pa mí níbi tó o ti ní "ìgbà wo lo tiẹ̀ ń sùn, gbogbo ìgbà ni mò ń rí ẹ lórí Instagram". Ọ̀rẹ́ mi, mò ń sùn o! Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń ṣe gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, lẹ́yìn ìyẹn fóònù ló ń bá mi gbé e jáde, èmi á máa ta aṣọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù. O ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó o lè máa wò ó tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tìẹ fún gèlè, ó dáa, ìjókòó rèé.

Kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná, kì í ṣe 30 ni mò ń ṣe. Mo gbìyànjú 30 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó fi máa di ìkejìdínlógún mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń yí po. 20 ni mò ń ṣe báyìí, márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, aṣọ títà, ìyẹn 8. Túsìdeè, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àdìrẹ, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tí kò fi ní ṣá, 4. Wẹ́sìdeè, fídíò àwọn aláró, 4. Fúráìdeè, fọ́tò kásítọ́mà tó ti rán tiẹ̀ tó sì gbà kí n lò ó, 4. Sátidé àti Sọ́ńdè, mi ò fi nǹkan kan sí i, torí aṣọ tuntun lè dé lójijì, ẹnì kan lè ṣègbéyàwó nínú aṣọ wa, mo fẹ́ kí àyè wà.

Ìdí tí ọjọ́ kan fi máa ń tó ni pé mi ò kí ń ṣe pósítì kan tán kí n tó bọ́ sí èkejì. Bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, màá ya fọ́tò, màá ronú ọ̀rọ̀, màá wá fọ́ǹtì, kí n tó mọ̀ aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ọ̀la mo tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ìwọ náà mọ àwọn aláró wa ní Ìtókú, ta ló ń po aró sí ìkòkò torí aṣọ kan ṣoṣo? Wọ́n á dúró kí aṣọ pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi, gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo títo fọ́tò àti ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Canva lẹ́ẹ̀kan, kí n tó wá sẹ́dúù, ìyẹn ni kí n yan ọjọ́ àti aago tí kálukú máa jáde fúnra ẹ̀.

Fídíò nìkan ni mi ò kí ń yà lọ́jọ́ náà, irọ́ díẹ̀ ló wà nínú "ọjọ́ kan" yẹn. Ìgbà tí mo bá lọ kó ọjà lọ́dọ̀ àwọn màmá ni mò ń yà á, ìṣẹ́jú kan níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ, ìṣẹ́jú kan níbi tí wọ́n ti ń fi ìko di í, ó ti wà nínú fóònù kí Túsìdeè tó dé.

Aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá, fọ́tò. Abẹ́ fàráńdà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe nínú oòrùn, torí oòrùn gangan máa ń jẹ́ kí aró dà bí dúdú lásán, kásítọ́mà á rí aṣọ tán á ní "màámi, búlúù kọ́ ni mo rí o". Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ ibi tí mò ń dúró sí, ògiri funfun kan náà, ibi kan náà, aṣọ mẹ́jọ. Aṣọ kọ̀ọ̀kan, fọ́tò mẹ́ta péré: gbogbo aṣọ ní títẹ́, ìlà ara ẹ̀ ní tòsí, àti èyí tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi fi da ejìká. Fún gèlè tìẹ, màá ní iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn gèlè làwọn èèyàn máa ń béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń jẹun, mo wá jókòó kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò. Google Sheets ni mò ń kọ ọ́ sí, ìlà kan fún pósítì kan: nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ aṣọ, ọ̀rọ̀, iye owó. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi ṣe tẹ́ńpíléètì fún aṣọ títà. Èkíní, ibi téèyàn lè wọ̀ ọ́ lọ. Èkejì, bí wọ́n ṣe ṣe aṣọ yẹn. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe lè rà á. Bí àpẹẹrẹ, nọ́ńbà 3 oṣù yìí: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ aṣọ ìsọmọlórúkọ tí kò ní wúwo lára, ẹ wo èyí. Ẹlẹ́kọ ni, yáàdì 5, ọwọ́ ni màmá fi ya gbogbo ìlà orí ẹ̀, kò sí èkejì ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà 3 ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp." Mo máa ń kọ gbólóhùn èkíní fún gbogbo mẹ́jọ tán ná, torí òun nìkan làwọn èèyàn máa rí kí Instagram tó gé ìyókù pa mọ́ sẹ́yìn "more", tó bá rọ̀ wọ́n kọjá lọ nìyẹn.

Canva ló kàn, ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi jù tẹ́lẹ̀, màá máa wá tẹ́ńpíléètì tuntun ojoojúmọ́, pẹ́ẹ̀jì mi wá dà bí ìsọ̀ alákísà. Mẹ́ta péré ni mo ní báyìí, 1080 × 1350, èyí tí wọ́n ń lò fún fọ́tò tó dúró. Ọ̀kan fún aṣọ títà, ọ̀kan fún ìtọ́jú aṣọ, ọ̀kan fún fọ́tò kásítọ́mà. Má kọ ọ̀rọ̀ sún mọ́ etí òsì tàbí ọ̀tún jù o, torí láti January 2025 ni Instagram ti yí àwọn àpótí orí pẹ́ẹ̀jì wa padà sí 3:4, á gé etí fọ́tò yẹn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà tẹ́ńpíléètì yẹn nínú fáìlì kan náà títí á fi pé, màá wá fa fọ́tò tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, á gba ipò ẹ̀. Canva ní èyí tí wọ́n ń pè ní "Bulk create" tó máa ń fa ọ̀rọ̀ wọlé fúnra ẹ̀ látinú ìwé onílà, àmọ́ ẹni tó ń sanwó ló wà fún, fún pósítì 20 mi ò rò pé ó yẹ kó o sanwó torí ẹ̀. Tí mo bá ti dà á sí láptọ́ọ̀pù, á tò ó ní nọ́ńbà, èmi á ṣáà fi wé nọ́ńbà inú ìwé mi.

Ẹ̀n ẹ̀n, fọ́ǹtì! Tó o bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí fọ́tò, kọ́kọ́ tẹ "ọ̀ṣọ́" wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tó rẹwà yẹn, àmì orí á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ yàtọ̀ sáwọn yòókù bí ẹni pé ìwé ìròyìn méjì ni wọ́n ti gé e. Noto Sans ni mò ń lò, kò wù èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lójú àmọ́ kì í já mi kulẹ̀.

Sísẹ́dúù ló rọrùn jù. Inú Instagram fúnra ẹ̀ ni mo ti ń ṣe é, o kàn gbọ́dọ̀ yí àkáǹtì ẹ sí ti oníṣòwò ni. Tó o bá ti fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sí i, lọ sí "More options", tẹ "Schedule this post", yan ọjọ́ àti àkókò. Ó gbà títí dé ọjọ́ 75 síwájú, oṣù kan ò le fún un rárá. Facebook, Meta Business Suite ni mo fi ń ṣe tiẹ̀. Status WhatsApp ni WhatsApp ò jẹ́ kéèyàn sẹ́dúù, mo kàn kó gbogbo fọ́tò sí álíbọ́ọ̀mù kan nínú fóònù, mo gbé alááàmù sí i, mò ń fi ọwọ́ gbé e ní alaalẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo fi gbogbo ẹ̀ sí, kì í ṣe torí pé ẹnì kan sọ pé ìgbà yẹn lèèyàn pọ̀ jù, àkókò tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ni, mo lè jókòó dáhùn ẹni tó béèrè iye owó. Fóònù lè bá ẹ gbé pósítì jáde, kò ní bá ẹ ná ọjà.

Ìwọ tó wà lọ́hùn-ún, tí kásítọ́mà ẹ bá wà ní Èkó náà, rántí pé lásìkò ooru aago yín àti tiwa dọ́gba, tẹ́ ẹ bá ti dá aago padà ní ìparí October, aago mẹ́jọ yín ti di mẹ́sàn-án níbí.

Jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọdún 2024, mo sẹ́dúù "A kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀" sí àárọ̀ Túsìdeè, 9 April, mo ti ṣírò pé ààwẹ̀ máa jẹ́ 29. Oṣù ò lé lálẹ́ Mọ́ńdè, Sọ́ọ̀táànì Ṣókótó ní Wẹ́sìdeè ni ọdún, mo jẹ sàárì tèmi, mo sùn padà, mi ò rántí pósítì rárá. Ìgbà tí mo jí, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ìyá Kúdí, oṣù wo lẹ̀yin rí?" Àwọn mẹ́rìnlá ló ti fi ẹ̀rín sí i. Látìgbà yẹn, kíkí Ìtúnu, ọwọ́ ni mo fi ń gbé e. Iléyá ò ṣòro, ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, tí wọ́n bá ti kéde oṣù, a ti mọ ọjọ́ ẹ̀ ṣáájú.

Èkejì, aṣọ tí mo ti tà nínú ṣọ́ọ̀bù ló jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́fà ní àwọn fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta, owó aró gbówó lórí láàárín oṣù, mo sì ti kọ iye sára fọ́tò. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tó bá jáde, fọ́tò fúnra ẹ̀ ò ṣeé pààrọ̀, ìdí tí owó ò fi sí lórí fọ́tò mi mọ́ nìyẹn. Báyìí, gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, mo máa ń ṣí "Scheduled content", mo wo márùn-ún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tí aṣọ ẹ̀ ti lọ mo pa á rẹ́. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Òun gan-an ni mo ṣe tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, nọ́ńbà 11 ti lọ, Alájà kan láti Ìjẹ̀bú ló gbé e ní àná.

Fi fọ́tò gèlè mẹ́ta ránṣẹ́ kí n bá ẹ ṣe tẹ́ńpíléètì àkọ́kọ́, àmọ́ jọ̀ọ́, yọ kọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Bá mi kí àwọn ìbejì, sọ fún Kẹ́hìndé pé mo rí fídíò ijó ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Kúdí