Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀ lórí oṣù iṣẹ́ tó fẹ́ kọ sí fọ́ọ̀mù PMP

Adó-Èkìtì,
Oṣù kọkànlá, 2025.

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún, òtútù ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Àlàáfíà la wà o, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, Màámi sì ní kí n kí ẹ dáadáa. Mo rí ìmeèlì ẹ, mo ka gbogbo iṣẹ́ tó o tò sílẹ̀ fún fọ́ọ̀mù PMP yẹn, sátífíkéètì àwọn tó ń darí prọ́jẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn pé o ti fẹ́ ṣe é. Àmọ́ oṣù 44 tó o kọ pé o fi darí iṣẹ́ yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà gígùn, ó ṣe tán èmi lọ̀gá ẹ nígbà tá a ṣe méjì nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn, tí PMI, àjọ tó ń fúnni ní sátífíkéètì yẹn, bá ní kí ẹnì kan wá jẹ́rìí sí i, èmi ni wọ́n máa bi.

Kọ́kọ́ gbàgbé wákàtí iṣẹ́ 4,500 tó o ní ẹnì kan sọ fún ẹ. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á tẹ́lẹ̀, 4,500 fún ẹni tó jáde yunifásítì, 7,500 fún ẹni tó ní sátífíkéètì sẹ́kọ́ńdírì, wàá tún pín wákàtí yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò, ṣíṣe, àbójútó àti ìparí. Látọdún 2021 wọ́n ti yí i sí oṣù: 36 fún ẹni tó ní dìgírí bíi tìẹ, 60 fún ẹni tí ò ní in, kó sì jẹ́ láàárín ọdún 8 tó ṣáájú ọjọ́ tó o máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ka ìwé ìtọ́sọ́nà wọn tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kó o tó kọ nǹkan kan, torí wọ́n máa ń yí i padà. Wákàtí 35 tó o rí yẹn ti ẹ̀kọ́ kíláàsì ni, ọ̀tọ̀ ni, iṣẹ́ ò lè dípò ẹ̀.

Ó yá, ká wá wo ìṣirò ẹ. Kànga ẹ̀rọ ti Ìkọ̀lé, January sí December 2019, oṣù 12. Ilé ẹ̀kọ́ tá a tún òrùlé ẹ̀ ṣe ní Ìjerò, July 2019 sí June 2020, oṣù 12. Ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn ní Ọ̀yẹ́, January sí October 2021, oṣù 10. Èyí tó o ṣe lọ́hùn-ún, March sí December 2023, oṣù 10. O ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 44. Àmọ́ láti July sí December 2019, Ìkọ̀lé àti Ìjerò jọ ń lọ pọ̀ ni, ìwọ náà rántí bó o ṣe ń gbéra lọ síbí lónìí tó o ń sáré lọ sọ́hùn-ún lọ́la. PMI ò ní ka oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ prọ́jẹ́ẹ̀tì márùn-ún lo ń darí nínú ẹ̀. Mú kàlẹ́ńdà, kó o máa fi bírò kun oṣù kọ̀ọ̀kan tó o fi darí iṣẹ́, èyí tó o bá ti kùn, má kùn ún mọ́. Wàá rí i pé Ìkọ̀lé àti Ìjerò pa pọ̀ jẹ́ 18, kì í ṣe 24. Ìyẹn ni 18, 10 àti 10, ó di 38.

O lè ní ó ṣì kọjá 36. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ti Ọ̀yẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi nígbà yẹn pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, o kàn ń tẹ orúkọ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà ni, ìgbà tí ẹni tó ń darí ẹ̀ kúrò ní April ni wọ́n tó gbé e lé ẹ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni oṣù tó o fi darí iṣẹ́, tó o pinnu, tó o yan iṣẹ́ fún èèyàn, tó o dáhùn fún owó àti àkókò. Orúkọ ipò ò ṣe pàtàkì, kò dìgbà tí wọ́n bá pè ẹ́ ní prọ́jẹ́ẹ̀tì mánéjà, kọ orúkọ ipò tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ bó ṣe wà. Àmọ́ oṣù tó o kàn fi tẹ orúkọ lásán ò wọlé. Ọ̀yẹ́ di 7, gbogbo ẹ̀ di 35.

Oṣù kan ló kù, mo mọ̀ pé ó máa dùn ẹ́. Ẹlòmíì á kàn ní kó o fa Ìjerò gùn dé July. Jọ̀ọ́, má ṣe é bẹ́ẹ̀. June la fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́, lẹ́tà ìfàléwọ́ ṣì wà nínú fáìlì mi pẹ̀lú déètì ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ kò sí iṣẹ́ kankan mọ́. Tí mo bá fọwọ́ sí July, irọ́ ni mo fọwọ́ sí, ìwọ náà ló sì máa tẹ "mo gbà pé òótọ́ ni" lórí fọ́ọ̀mù. O sọ pé wọ́n ti gbé ètò tuntun kan fún ẹ láti September ọdún yìí, tó jẹ́ pé ìwọ lo ń darí ẹ̀. Òun gan-an ló máa gbé ẹ kọjá, kọ ọ́ sí i bí karùn-ún, ọ̀gá ẹ ibẹ̀ á lè jẹ́rìí sí i. Ohun tó yẹ kó o ṣọ́ ni pé tó o bá jẹ́ kó wọ 2027, oṣù ti 2019 á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lẹ́yìn, torí ọdún 8 yẹn ń sún ni.

Nígbà tó o bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ bíi 200 sí 500: kí ni iṣẹ́ náà wà fún, kí lo ṣe níbẹ̀, kí ló jáde, báwo ló ṣe parí. Gbogbo ohun tó o kọ fún Ìkọ̀lé ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a": a gbẹ́, a rà, a parí. Ẹni tó ń kà á ò ní mọ ọwọ́ tìẹ níbẹ̀. Kọ ohun tí ìwọ ṣe, bíi: "Mo ṣe ètò owó àti àkókò fún kànga ẹ̀rọ. Nígbà tí ibi àkọ́kọ́ ò lómi torí àpáta, mo ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, mo ní kí wọ́n tún ilẹ̀ wò níbòmíì, mo bá ìgbìmọ̀ ìlú ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ ìparí fi sún." Ìyẹn ṣẹlẹ̀, mo wà níbẹ̀, mi ò ní ronú kí n tó jẹ́rìí sí i. Má sọ pé àwọn tó wà lábẹ́ ẹ jẹ́ ogún o, mẹ́fà ni wọ́n. Iye owó náà, kọ èyí tó wà nínú ìwé àdéhùn. Má sì da àlàyé ẹlòmíì kọ láti orí ínítánẹ́ẹ̀tì.

Ọ́dítì yẹn, ìyẹn tí PMI bá ní kó o mú ẹ̀rí ohun tó o kọ wá, wọ́n kàn ń ṣà èèyàn ni, kì í ṣe pé wọ́n fura sí ẹ. Tó bá kàn ẹ́, o ní ọjọ́ 90 láti kó ìwé ẹ̀rí dìgírí, ti kíláàsì wákàtí 35, àti ẹ̀rí látọ̀dọ̀ ọ̀gá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 90 kéré téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀gá tó ti kó kúrò nílùú. Torí náà kó o tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, fi àlàyé Ọ̀yẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ ibẹ̀ lórí wáàsáàpù, bi í pé ṣé bó ṣe rántí ẹ̀ nìyẹn, April sí October. Tó bá ní May ni òun rántí, ẹ jọ wá ìmeèlì ìgbà yẹn jáde kẹ́ ẹ wò ó. Ìmeèlì tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́, ìwé ìpàdé, ríkọ́ọ̀dù owó, kó gbogbo ẹ̀ sí fódà kan.

Màá ya lẹ́tà ìfàléwọ́ Ìjerò àti ìwé àdéhùn kànga fi ránṣẹ́ sí ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí iná bá wà. Ìwọ náà fi kàlẹ́ńdà tó o kùn ránṣẹ́ sí mi kí n bá ẹ tún un kà.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Rónkẹ́