Màmá mi, ẹ má ta ilẹ̀ Ìkòròdú

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú àárò wa, ẹ kú àdúrà. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ti kírun Ìṣáì tán ní Òkè Pópó lálẹ́, fóònù lẹ máa kọ́kọ́ wò, bóyá mo ti pè. Lánàá, àbúrò mi ló pè mí. Ó ní ẹ ti mú ìwé ilẹ̀ Ìkòròdú jáde, pé ẹ̀gbọ́n yín ti ń bá yín wá ẹni tó máa rà á, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i pé ó sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí, torí lórí fóònù, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má tà á. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an rèé.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ní ìlú Ọba níbí jẹ́ 14,000 pọ́n-ùn. A san 8,000 ní oṣù keje 2023, kí n tó wọkọ̀ òfuurufú. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ okùn lọ́rùn náírà ní oṣù kẹfà ni, pọ́n-ùn kan wá di nǹkan bíi 1,000 náírà ní báǹkì, a sì rò pé ibi tó máa já sí nìyẹn. Ó ku 6,000 tí wọ́n ní ká san lẹ́ẹ̀mẹta, 2,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó àjọ yín lódindi san ti oṣù kìíní ọdún yìí. Ó wá ku 4,000. Lójú owó oṣù keje, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà nìyẹn. Ní oṣù kejì 2024 tí a wà yìí, pọ́n-ùn kan ti ń lọ sí nǹkan bíi 1,900, 4,000 kan náà ti di mílíọ̀nù méje àbọ̀ ó lé. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọjà yín wọlé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé owó tó ń ra báálì méjì tẹ́lẹ̀ kò ra ẹyọ kan mọ́. Ilẹ̀ tí ẹ fi owó ìṣọ̀ ra díẹ̀díẹ̀ kò yẹ kó bá owó tó ń já bọ́ báyìí lọ.

Mi ò ní fi ewu tó wà níbẹ̀ pamọ́ fún yín. Tí ọjọ́ owó bá pé tí n kò san, ilé-ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ ti ojú-ewé tí mo fi ń ka ẹ̀kọ́ mọ́ mi. Tó bá pẹ́ sí i, wọ́n á yọ orúkọ mi, wọ́n á sì kọ̀wé sí Hóòmù Ọ́fíìsì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, pé àwọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ mi mọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á gé físà rẹ̀ kúrú, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti kẹ́rù rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Nàìjíríà níhìn-ín lẹ́yìn tí náírà wó. Nígbà tí mo gbọ́ ọ ní oṣù kejìlá, oorun ń wọ́n mi. Mo máa ń jí ní aago mẹ́ta òru, màá máa ṣírò owó kan náà léraléra.

Ohun tó kọ́ mi ni pé ọ́fíìsì owó ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá wá kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá, kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ lẹ́tà síni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ. Mo kó ìwé owó iṣẹ́ mi ti oṣù mẹ́ta dání, àti sítétímẹ́ǹtì báǹkì, àti ìwé kan tó fi iye tí pọ́n-ùn jẹ́ ní oṣù keje hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó jẹ́ nísinsìnyí. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní àwọn kò lè yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó náà, ṣùgbọ́n àwọn lè nà án. A jọ ṣe é. Màá san 1,000 ní oṣù kẹta, lẹ́yìn náà 500 lóṣooṣù láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án. Ó pé 4,000. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì kí n tó kúrò níbẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé níbo ni mo ti fẹ́ rí i. 1,000 àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀; mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ni pé n kò gbọdọ̀ ṣe ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ní 10.42 pọ́n-ùn fún wákàtí kan, 208 pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ ni mò ń gbà lọ́sẹ̀, kò sì tó iye tí wọ́n ń gba owó orí lé. Ní oṣù kẹrin, wọ́n á gbé e sí 11.44, yóò di 228. Iyàrá mi jẹ́ 420 lóṣù, iná àti omi wà nínú rẹ̀. Tí mo bá yọ oúnjẹ, bọ́ọ̀sì àti fóònù, nǹkan bíi 360 á máa ṣẹ́kù lóṣù láti ìgbà náà. Ó dín sí 500, àbí? Ìsinmi Àjíǹde ló máa dí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, kò sì sí òpin wákàtí nígbà ìsinmi. Tí mo bá ṣe iṣẹ́ òru mẹ́rin lọ́sẹ̀, nǹkan bíi 1,400 á wọlé, ìyẹn ni màá máa fi kún un títí dé òpin.

Ẹ ti sọ fún ìyá Sàídì pé tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, màá ṣiṣẹ́ àṣekára. Kò ní rí bẹ́ẹ̀, Màmá mi. Àwọn tó ń ṣe oyè àkọ́kọ́ ló ń gba ìsinmi gígùn yẹn. Ní ti wa tó ń ṣe másítà, ìgbà yẹn là ń kọ iṣẹ́ ìwádìí, ogún wákàtí náà ló ṣì wà. Àwọn kan ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ tó lé. Wọ́n ti fi lọ̀ mí, mo kọ̀. Mo tiẹ̀ ń ṣọ́ òru ọjọ́ Àìkú gan-an, torí pé ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: tí mo bá wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wákàtí mẹ́rin péré ni ti ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́jọ tó kù di ti ọ̀sẹ̀ tuntun. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni mi ò tíì ṣàlàyé fún yín dáadáa. Ilé àwọn arúgbó ni. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń pààrọ̀ páḿpásì wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Mo mọ̀ pé á dùn yín, ọmọ tí ẹ rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlera. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òru kan fún yín. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti ẹnì kejì mi la máa ń yí i, torí òfin ibẹ̀ kò gba kí ẹnì kan dá a ṣe. A ó tẹ aṣọ kan tó ń yọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a ó fà á jẹ́jẹ́ kí awọ ara rẹ̀ má bàa bó, a ó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, a ó sì kọ aago tí a yí i sínú ìwé. Màá wo gìgísẹ̀ rẹ̀ àti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ibì kan bá pọ́n, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá funfun, tó tún padà pọ́n, kò tíì burú. Tó bá pọ́n síbẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, egbò ti ń bọ̀ nìyẹn, màá pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ á gbóná tàbí kó le ju ibi tó yí i ká lọ. Mo ń ronú pé ká ní a mọ èyí nígbà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, egbò ẹ̀yìn wọn yẹn ìbá má dé ibi tó dé. Iṣẹ́ ìwádìí mi gan-an, orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ ọ́ lé: bí a ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ nílé, láàárín ẹbí, ní Èkó.

Ara mi ń gbé e, kò rọrùn ṣá. Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ń ṣú ní Bírádífọ́ọ̀dù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọjọ́ tí mo bá ti òru iṣẹ́ dé, tí mo sùn, tí mo jí, n kì í rí oòrùn rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, orúnkún ń ro mí, ọ̀rọ̀ ènìyàn sì ń sú mi. Mo lọ rí dókítà. Owó ìlera tí a san pọ̀ mọ́ físà ló bo ìyẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì Dí ti lọ sílẹ̀ jìnnà. Oòrùn tó ń pọ̀ jù fún yín ní Balógun ni èmi ń fi oògùn wá níhìn-ín. Mo ń lò ó, ìrora orúnkún náà ti dín kù púpọ̀. Ìdánìkanwà ni kò ní oògùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ló sàn jù, torí mọ́ṣáláṣí wà nítòsí, mo sì mọ Yorùbá mélòó kan níbẹ̀.

Ẹ má da ara yín láàmú nítorí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Òru tí mo fi ń ṣiṣẹ́ á jẹ́ kí n lè jẹ sààrì níbi iṣẹ́. Ìṣínu ló máa le díẹ̀ ní ìparí, torí wọ́n á ti sún aago síwájú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn aago méje ààbọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní mẹ́jọ. Dàbínù àti omi ni màá máa gbé dání nínú bọ́ọ̀sì.

Tí ẹ bá ní owó lọ́wọ́ lásìkò yìí, ẹ fi ra ọjà Iléyá sí ìṣọ̀ kó tó tún wọ́n sí i. Ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé mo kí wọn, kí wọ́n sì dá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà lóhùn pé kò sí títà mọ́. Bí mo bá ṣe ń san owó kọ̀ọ̀kan, màá máa fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi, kó kà á sí yín létí. Oṣù tí ẹ kò bá rí rìsíìtì, ẹ pè mí kí ẹ bi mí, màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín bó ṣe rí.

Ọmọ yín,
Àkànní